Ìkíni tí a fi ń ṣí ìpàdé ẹbí: ta ni a kọ́kọ́ ń kí?

*Ìbéèrè:* Ẹ káàsán o. Olórí ẹbí wa ní kí n bá wọn ṣí ìpàdé ẹbí wa ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kejì Iléyá. Ìkíni lásán ni, wọ́n ní kó má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọmọbìnrin ilé ni mí, Ìkòròdú ni mo lọ́kọ sí. Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni ilé bàbá wa, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti fẹ́ ìyá wa àgbà, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló sì wà nínú wa. Lọ́dún tó kọjá, ẹni tó ṣí ìpàdé kí àwọn kan, ó gbàgbé àwọn kan, ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán nílẹ̀ di òní. Ta ni kí n kọ́kọ́ kí, ta ni kí n kí tẹ̀ lé e, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́?

*Ìdáhùn:* Ẹ kú ìmúra ọdún o, arábìnrin wa. Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó bá ṣí ìpàdé ló ń bá gbogbo ẹni tó máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí ilé. Àwọn tó kù á kàn dìde, wọn á ní ẹni tó ṣáájú ti bá àwọn kí gbogbo ilé, wọn á sì bọ́ sórí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá fo ìdílé kan, gbogbo ìpàdé ló fò wọ́n láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ èṣí le nìyẹn. Bó bá jẹ́ ẹnì kẹta tàbí ẹnì kẹrin ló gbàgbé wọn ni, kò sẹ́ni tí ì bá ka á sí.

Dídárúkọ ló sábà ń fa ìgbàgbé. Ẹni tó bá dárúkọ Bàbá Lágbájá gbọ́dọ̀ dárúkọ Bàbá Tàmẹ̀dù tó jókòó tì wọ́n, àti Ìyá Làkáṣègbè tó wà lẹ́yìn wọn, títí ìwé tó mú lọ́wọ́ á fi tán tí ènìyàn ò sì ní tíì tán nílẹ̀. Àtúnṣe tó máa ń ṣe nígbà náà, "àti gbogbo ẹ̀yin tí mi ò lè dárúkọ tán," kì í tu ẹnikẹ́ni nínú, torí ẹni tó bọ́ sínú gbólóhùn yẹn mọ̀ pé wọ́n ti ka ẹlòmíràn kún ju òun lọ. Ipò ni kí ẹ fi kí ènìyàn: olórí ẹbí, àgbà ilé, ẹbí ìyá, ìyàwó ilé, àna. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni rárá, títí kan olórí ẹbí fúnra wọn. "Bàbá wa, olórí ẹbí" ti tó. Kódà oyè tí ẹnì kan jẹ nínú mọ́ṣáláṣí tàbí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá pe Bàbá Àdínì, Ìyá Àdínì wà níbẹ̀, Bàbá Ìjọ náà sì wà níbẹ̀.

Ní bí ọjọ́ mẹ́ta sí ìpàdé, ẹ pe akọ̀wé ẹbí. Ẹ bi wọ́n bóyá ààfin máa rán ẹnì kan wá, àti ààfin wo. Ẹ bi wọ́n ẹni tó kú nínú ẹbí láti Iléyá èṣí, àgbà ni tàbí ọ̀dọ́. Ẹ bi wọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ẹbí, ìyàwó tuntun tàbí ọkọ ọmọ, àti ẹni tó máa gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ló máa pinnu ọ̀rọ̀ yín ju ẹnu dídùn lọ.

Ó yá, ká wá sórí ẹni tó ṣáájú. Lẹ́yìn ọpẹ́ Ọlọ́run, ọba ló kàn, bí ààfin bá rán ènìyàn wá. Àwọn kan á ní nínú ilé tiwa, olórí ẹbí wa ló yẹ kó ṣáájú. Mi ò fara mọ́ ọn. Inú ilé kò sọ adé di kékeré, olórí ẹbí fúnra wọn kò sì ní fẹ́ kí wọ́n fi àwọn ṣáájú Kábíyèsí lójú ìjòyè. Àmọ́ ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́. Ẹni tí ọba rán wá kì í ṣe ọba, a kì í pe òun ní Kábíyèsí. Ọba la ń kí láti ojú rẹ̀: "Mo kí Kábíyèsí láti ojú Olóyè tí wọ́n rán sí wa." Òun náà á dá yín lóhùn pé Kábíyèsí ń kí ilé, á tán síbẹ̀.

Ní Ẹ̀pẹ́, ibi tí ọ̀rọ̀ ọba ti gba ìṣọ́ra nìyí. Olú-Ẹ̀pẹ́ wà, Ọlọ́jà Ẹ̀pẹ́ sì wà. Bí ẹnì kan bá wá láti ààfin kan ṣoṣo, ẹ fi oyè ọba tó rán an wá kí ọba náà, kí ẹ sì fi kún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé "mo sì kí gbogbo orí adé ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́." Gbólóhùn kékeré yẹn ni kò ní jẹ́ kí ará apá kejì máa wo ojú ara wọn. Bí àwọn ààfin méjèèjì bá rán ènìyàn, ẹ má gbìyànjú láti fi ọ̀kan ṣáájú ìkejì. Ẹ sọ pé "àwọn Kábíyèsí wa méjèèjì, láti ojú àwọn Olóyè tó jókòó síhìn-ín," ẹ sì kọjá. Bí kò bá sẹ́ni tó ti ààfin wá, ẹ fo ọ̀rọ̀ ọba pátápátá, torí a kì í kí àga òfìfo.

Àpá ìtàn náà ló wà nínú ọ̀rọ̀ Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó lópin ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí. Ó padà sí Èkó ní 1862, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a wá kò bá a padà mọ́. Àwọn ni wọ́n di Èkó-Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń ṣe ọdún Káyọ̀káyọ̀ lẹ́yìn Iléyá títí di òní. Àwọn Ìjẹ̀bú ti wà lórí ilẹ̀ náà ṣáájú wọn. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fẹ́ ara wọn, débi pé agbára káká la fi máa rí ilé tí ẹ̀jẹ̀ apá méjèèjì ò sí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjì ló gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹnu yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má pe apá kankan ní àlejò, ẹ má sì sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ dé. Àwọn olùsọ̀rọ̀ kan máa ń fẹ́ fi ìtàn yìí dá ìpàdé lárinrin. Kó tó di ìṣẹ́jú kejì, àríyànjiyàn á ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ kánópì.

Lẹ́yìn ọba, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ló kàn. Níhìn-ín ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Bí bàbá tó bí gbogbo yín bá fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, ẹbí yín pín sí ìdí-igi, ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdí-igi kan. Olórí ẹbí lè ti ìdí-igi kẹta wá, torí ọjọ́ orí ló gbé wọn débẹ̀, àmọ́ kò sọ ìdí-igi wọn di àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ka àwọn ìdí-igi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn ìyá ṣe wọlé tẹ̀ léra ni kí ẹ fi kà wọ́n, kí ẹ sì kà wọ́n tán. Bí ẹ bá ka méjì nínú mẹ́rin, ó sàn kí ẹ má ka ìkankan. Níbi tí ilẹ̀ ẹbí bá ṣì wà tí wọn ò tíì pín, àwọn àgbà máa ń fetí sí ètò yẹn gan-an, wọ́n á ní ọmọ ilé fúnra rẹ̀ ló sọ níwájú gbogbo wa pé ìdí-igi báyìí ló ṣáájú. Èmi á ní kí ẹ sọ pé "láti ìdí-igi kìíní títí dé ìkẹrin," kí ẹ má dárúkọ ìyá kankan. Ó kó gbogbo wọn pọ̀, kò sì gbé ẹnì kan ga ju ẹnì kejì lọ.

Àwọn ẹbí ìyá yín àgbà láti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ló kàn lẹ́yìn àwọn àgbà ilé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n máa ń kó wọn mọ́ àna àti àwọn ọ̀rẹ́ lápá ìsàlẹ̀. Ẹbí ìyá kì í ṣe àna yín. Àwọn tó bí ìyá tó bí bàbá yín ni wọ́n. Àna ni wọ́n jẹ́ sí bàbá tó bí bàbá yín, àmọ́ sí bàbá yín àti ẹ̀yin, ilé ìyá ni. Ẹ sọ fún wọn pé ilé wọn ni wọ́n wà.

Lẹ́yìn wọn ni Ààfáà àti pásítọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ẹ dúpẹ́ àdúrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kí Ààfáà ní sàlámù, ẹ kí pásítọ̀ ní àlàáfíà Olúwa, lẹ́ẹ̀kan péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àdúrà yòókù nínú ọ̀rọ̀ yín, "Ọlọ́run" ni kí ẹ máa pè é, torí orúkọ yẹn ni gbogbo ilé jọ máa ṣe àmín sí. Ẹni tó bá ń pariwo "Halelúyà" tàbí "Tákíbírì" ní gbogbo ìsinmi á gba ìdáhùn ìdajì ilé, ìdajì kejì á máa wò ó.

Ìkíni ìdárò ló yẹ kó tẹ̀ lé e, kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni kú ọdún. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ tí wọ́n ti kí kú ọdún, kú ìyèdún, kí wọ́n tó rántí òkú rẹ̀, ó máa ń dùn ún dọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa lò dá lórí ẹni tó lọ. Fún àgbà tó gbó tó tọ́, "ẹ kú àṣẹ̀yìndè" ni. Fún ọ̀dọ́, "ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú àmúmọ́ra" ni, a kì í sọ àṣẹ̀yìndè níbẹ̀ láéláé. Bí àgbà àti ọ̀dọ́ bá jọ kú láàárín ọdún náà, ẹ lo "ẹ kú àfẹ́rakù," ó gba méjèèjì. Ẹ má dárúkọ òkú bó bá ju ẹnì kan lọ. Gbólóhùn méjì sí mẹ́ta tó. Bí ẹ bá pẹ́ níbẹ̀, ẹkún á bẹ̀rẹ̀, ìpàdé á sì ṣòroó gbé dìde.

Ẹ kí àwọn ọmọ ilé, kí ẹ wá kan àwọn ìyàwó ilé. Ní òwúrọ̀ ìpàdé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sí níbi ìjókòó. Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé nídìí àwọn ìkòkò, ẹran Iléyá ló wà lórí iná, ẹ̀fọ́ ló wà lọ́wọ́ wọn, èéfín ti wọ ojú. Olùsọ̀rọ̀ tó ń wo iwájú nìkan ò ní rí wọn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn gan-an ló gbàgbé lẹ́ṣìí. Kí ẹ tó gba máìkì, ẹ rán ọmọdé kan sí ìyáálé ilé pé kí wọ́n jọ̀wọ́ kí àwọn díẹ̀ yọjú sí iwájú fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí iná ò bá jẹ́ kí wọ́n lè yọjú, ẹ ní kí àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn yí àpótí kan sí ẹ̀yìnkùlé.

Bí ẹ ṣe máa pè wọ́n náà gba ọgbọ́n. Ọmọ ilé ni yín, nítorí náà ọkọ lẹ jẹ́ sí gbogbo ìyàwó tí wọ́n gbé wọ ilé yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó náà dàgbà jù yín lọ. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti pè wọ́n ní "ìyàwó wa." Ṣùgbọ́n ìyá tó bí yín wà láàárín wọn, àwọn ìyàwó àbúrò àti ẹ̀gbọ́n bàbá yín wà níbẹ̀, àwọn kan ló sì pọ̀n yín dàgbà. "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìyàwó ilé" ni kí ẹ sọ, ó bá gbogbo wọn mu. Ọjọ́ tí wọ́n wọlé la fi ń to ìyàwó, kì í ṣe ọjọ́ orí, nítorí náà ẹ sọ pé "láti orí ìyáálé dé orí ẹni tó wọlé kẹ́yìn." Ìyàwó tuntun tẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ti wà nínú ìyẹn.

Oríṣi méjì ni àna: àwọn tó fún yín níyàwó, àti àwọn tó fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ yín. Àwọn àkọ́kọ́ ló ṣáájú, torí àwọn ló yọ̀ǹda ọmọ tiwọn. Ọkọ yín àti àwọn ará Ìkòròdú á wà nínú ìkejì. Ẹ má yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín sí wọn ju àwọn tó kù lọ, torí ẹnu ilé lẹ fi ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ẹnu ìyàwó. Aládùúgbò, ọ̀rẹ́, àwọn tó ń wò yín lórí Wásáàpù láti òkè òkun, àti àwọn ọmọdé, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti tó wọn.

Bí mo ṣe máa to ọ̀rọ̀ náà fún yín nìyí. Mo gbà pé Ọlọ́jà ló rán ènìyàn wá, àti pé ìdí-igi mẹ́rin lẹ ní. Ẹ yí ohun tí kò bá ilé yín mu padà.

> Ẹ̀yin àgbà, mo kúnlẹ̀ o.
>
> Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó dá ẹ̀mí wa sí, tó tún kó wa jọ sójú kan náà. Mo kí Kábíyèsí wa, Ọlọ́jà Ẹ̀pẹ́, láti ojú Olóyè tí wọ́n rán sí wa, mo sì kí gbogbo orí adé ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.
>
> Bàbá wa, olórí ẹbí, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àkóso ilé. Ẹ̀yin àgbà ẹbí, lọ́kùnrin lóbìnrin, láti ìdí-igi kìíní títí dé ìkẹrin, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àbójútó wa. Ẹ óò pẹ́ fún wa.
>
> Ẹ̀yin ẹbí ìyá wa láti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, inú ilé yín lẹ wà. Ẹ kú ìjókòó o, okùn tó so wá pọ̀ kò ní já.
>
> Ààfáà wa, Àsàlámù àlékúmù. Pásítọ̀ wa, kí àlàáfíà Olúwa wà pẹ̀lú yín. Ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́run, àdúrà tí ẹ gbà fún wa á gbà.
>
> Láàárín Iléyá èṣí sí òní, àwọn kan fi wá sílẹ̀ nínú ilé yìí. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ, ẹ kú àfẹ́rakù. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, á sì tù yín nínú.
>
> Ẹ̀yin ọmọ ilé, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa ṣọ́lé, ẹ kú ilé. Ọ̀pọ̀ ọdún la óò jọ ṣe.
>
> Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìyàwó ilé, láti orí ìyáálé dé orí ẹni tó wọlé kẹ́yìn, ẹ kú ìdáná, ẹ kú àsè. Ẹ óò jẹ èrè ọmọ nínú ilé yìí.
>
> Ẹ̀yin àna wa, ẹ̀yin tí ẹ fún wa níyàwó àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ wa, ẹ kú ọdún, ẹ kú àyẹ́sí. Ẹ̀yin aládùúgbò àti ọ̀rẹ́ ilé, ẹ ṣé tí ẹ fi ọjọ́ ọdún yín bá wa jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá láti òkè òkun, ẹ kú àárò ilé. Ẹ̀yin ọmọ wẹ́wẹ́, ẹ kú ọdún, ẹ óò dàgbà, ẹ óò ṣe ju èyí lọ.
>
> Bó bá ku ẹnikẹ́ni tí mi ò kí, ẹ fojú fo àìmọ̀ mi, ẹ gbà pé mo kúnlẹ̀ fún yín náà.
>
> Bàbá wa, olórí ẹbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láṣẹ kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn, àmọ́ ẹ má ṣe gbójú lé bí ó ṣe kéré lójú ìwé. Ilé á máa dáhùn, wọ́n á máa ṣe àmín, ìdáhùn wọn sì wà nínú ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fún yín. Ẹ fi aago fóònù kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì nínú ilé. Bí ẹ bá kà á tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ ti rí àyè sílẹ̀ fún àmín. Bó bá ti ń sún mọ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí ìwé lásán, inú àdúrà ni kí ẹ ti gé e, ẹ má gé ẹni kankan kúrò.

Lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ kúnlẹ̀ dáadáa, ní ìbẹ̀rẹ̀, níwájú ibi tí Olóyè àti olórí ẹbí jókòó sí. Ẹ dúró lórí orúnkún títí wọn yóò fi ní kí ẹ dìde. Bí ẹ bá dìde kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ẹ yájú. Fún àwọn tó kù, ẹ kàn tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹ ṣe ń yíjú sí wọn. Ẹ yíjú sí wọn gan-an o: ẹni tí ẹ ń kí tí ojú yín wà lórí ìwé, kò gbà pé òun ni wọ́n kí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà sórí káàdì kékeré kan, ipò kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, kí ojú yín lè máa lọ, kó máa bọ̀. Fóònù kò dára fún un. Iná rẹ̀ á kú, ìpè á wọlé, àwọn àgbà á sì rò pé iṣẹ́ ẹlòmíràn lẹ ń ṣe.

Lẹ́yìn ipò kọ̀ọ̀kan, ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n dá yín lóhùn. Ìdákẹ́ yẹn ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ìkíni yín dé ibi tó ń lọ. Bí ẹ bá kí àwọn ìyàwó ilé tí ẹ kò gbọ́ ohùn kankan láti ẹ̀yìnkùlé, wọn ò gbọ́ yín nìyẹn. Ẹ tún un sọ sókè sí i, kí ẹ tó bọ́ sórí àna. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá rí ìjókòó kan tí wọ́n ń wo ara wọn tí àwọn tó kù ń ṣe àmín, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fò wọ́n. Ẹ ṣàtúnṣe náà kí ẹ tó tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ olórí ẹbí, nígbà tí máìkì ṣì wà lọ́wọ́ yín: "Ẹ má bínú, ẹ̀yin báyìí, ẹ̀yin náà ẹ kú ọdún o." Bó bá ti di ẹ̀yìn tí ẹlòmíràn ti sọ̀rọ̀, ẹ má gba máìkì padà. Ẹ rìn lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, kí ẹ sì kúnlẹ̀ kí wọn.

Ẹ rí àwọn onílù ṣáájú, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí ìlù sùn títí ẹ óò fi parí. Onílù tó bá gbọ́ "olórí ẹbí" á bẹ̀rẹ̀ oríkì lójú ẹsẹ̀, àwọn ọmọ bàbá á dìde láti ná owó, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún á di ogún ìṣẹ́jú, àwọn ìdí-igi tó kù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de oríkì tiwọn. Bí ẹ bá ti gba àṣẹ tán, kí wọ́n máa lu ìlù wọn.

Mi ò fi òwe kankan sínú rẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bí ẹ bá fẹ́ pa ọ̀kan dandan, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú "tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà lẹ ni òwe," kí ẹ dúró kí wọ́n dáhùn pé ẹ óò rí òmíràn pa. Ẹ má pa ju ọ̀kan lọ.

Bí Olóyè bá dé nígbà tí ẹ ti kọjá ibi ọ̀rọ̀ ọba, ẹ parí gbólóhùn tó wà lẹ́nu yín, kí ẹ dákẹ́ títí wọ́n á fi jókòó. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ gbólóhùn Kábíyèsí àti ti orí adé, kí ẹ dìde bí wọ́n bá ti dáhùn, kí ẹ sì máa bá ìkíni lọ láti ibi tí ẹ dúró. Kò sí ìdí láti padà sí ìbẹ̀rẹ̀, torí àwọn tí ẹ ti kí ti gba tiwọn.